Màámi ń tu oògùn wọn dànù: kí ni a lè ṣe fún àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ti ń rá?

Ọmọ Ìyá Ìbàdàn

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni ọdún 78 ni Màámi, àrùn ìgbàgbé ti ń bá wọn jà fún bí ọdún mẹ́ta, wọ́n sì tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ti ń tu oògùn dànù, tí wọ́n ń sọ pé èmi àti ọmọ ọ̀dọ̀ fẹ́ fi májèlé pa wọ́n. Mo wá ń lọ̀ gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ògì òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí wọn kò fẹ́ mu ògì mọ́ rárá. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Lójú tèmi, ẹ ti ń rọra mú ọ̀rọ̀ yìí jù. Nígbà tí a wà ní kékeré, àwọn ìyá wa kì í bẹ ọmọ kí ó tó mu àgbo. Wọn á tẹ́ ẹ sí orí itan, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, wọn á sì rọ ọ́ títí àgbo náà yóò fi wọlé. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti rá ti padà di ọmọdé. Kí ẹnì kan bá yín di ọwọ́ wọn mú, kí ẹ dá orí wọn sẹ́yìn, kí ẹ da oògùn lílọ̀ náà sí wọn lẹ́nu pẹ̀lú omi, kí ẹ sì fún imú wọn pọ̀ títí wọn yóò fi gbé e mì. Ẹ ṣe dáadáa bí ẹ ṣe ń lọ̀ ọ́, nítorí kóró oògùn ńlá kì í tètè kọjá ní ọ̀fun àgbàlagbà.

Ará Òkè-Àdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ó sú yín. Àpótí oògùn kékeré kan wà tí ó ní ojúlé méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ti to oògùn sínú rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, tí ẹ sì ṣètò aago fóònù kí ó máa dún ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ọ̀ràn náà yóò rọrùn. Àǹtí mi kan ní Èkó ń lo irú rẹ̀, wọn kì í sì gbàgbé oògùn wọn mọ́.

Ọmọ Ìyá Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an, ará Òkè-Àdó. Ì bá ṣe pé wọ́n ń gbàgbé ni, àpótí yẹn ì bá tó. Èmi gan-an ni mò ń gbé oògùn náà fún wọn. Wọ́n á wò ó, wọ́n á ti ọwọ́ mi kúrò, tàbí kí wọ́n gbà á sẹ́nu, kí n sì bá a lẹ́yìn àga nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀.

Apòògùn Ẹ̀gbá

Mo bẹ̀ yín, ẹ dá lílọ̀ náà dúró láti alẹ́ òní títí a ó fi mọ ohun tí ẹ ń lọ̀. Ẹ kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan síbí gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lára páálí rẹ̀, pẹ̀lú iye mílígíráàmù rẹ̀ àti lẹ́tà yòówù tí ó bá tẹ̀lé orúkọ náà.

Bàbá Ìbejì, mo mọ̀ pé ire ni ẹ ń rò, sà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ àgbàlagbà ní oògùn. Bí a bá dá orí ènìyàn sẹ́yìn, ńṣe ni ọ̀nà èémí rẹ̀ ń là sílẹ̀. Nínú àrùn yìí, ọ̀fun kì í tètè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ mọ́, nítorí náà omi àti oògùn náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí ó sì dá àrùn sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí kò ní sí ẹni tí yóò rántí ohun tí ó fà á. Irú àrùn ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀ ń pa àwọn aláìsàn wọ̀nyí púpọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ fún òun ní májèlé, tí ènìyàn méjì wá dì mú tí wọ́n sì fún ní imú, ti rí ẹ̀rí ohun tí ó ń bẹ̀rù. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti jẹ́ òótọ́ ni pé kóró oògùn ńlá lè ṣòro fún wọn láti gbé mì, ó sì yẹ kí dókítà gbọ́ èyí.

Ọmọ Ìyá Ìbàdàn

Ẹ ṣé, sà. Bí mo ṣe rí i lára páálí nìyí: nifẹdipíìnì 20 mílígíráàmù fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n kọ "Retard" sí i, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́; mẹtifọ́míìnì 500 fún ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n kọ "SR" sí i, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́; gilimẹpiráìdì 2 mílígíráàmù ní òwúrọ̀; asipirínì 75 ní òwúrọ̀; oògùn fítámì Bí kan; àti dónẹpẹ́sìlì 5 mílígíráàmù fún àrùn ìgbàgbé ní alẹ́. Ó jẹ́ kóró mẹ́jọ lóòjọ́. Wọn kò ní àrùn rọpárọsẹ̀ rí, ọkàn wọn kò sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ rí.

Apòògùn Ẹ̀gbá

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù lọ nínú àwọn tí ẹ kọ yìí ni nifẹdipíìnì náà. Ọ̀rọ̀ "Retard" tí ó wà lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe kóró náà kí ó lè máa tú oògùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, gbogbo 20 mílígíráàmù náà yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìfúnpá lè já wálẹ̀ lójijì, òyì á kọ́ Màmá, wọ́n á ṣubú, ó sì lè fa ewu fún ọkàn tàbí ọpọlọ. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n bá mu ògì náà tán: ṣé ojú wọn máa ń pọ́n, ṣé orí ń fọ́ wọn, ṣé wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá dìde? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, lílọ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó fà á. Irú ìkìlọ̀ kan náà ni ó wà lórí mẹtifọ́míìnì tí ó ní "SR", àti oògùn mìíràn tí ẹ bá rí "XR", "XL" tàbí "CR" lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Asipirínì tí wọ́n fi awọ bò kí ó má baà yọ́ ní inú agbẹ̀du kò ṣeé lọ̀ pẹ̀lú.

Gilimẹpiráìdì ní ewu tirẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ gbé e fún wọn ní kóró odindi. Oògùn yìí ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ yálà ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun. Màmá ti ń kọ ògì, ní ọjọ́ tí wọ́n bá sì mu ìdajì abọ́, wọ́n lè ti gba oògùn náà láìjẹ oúnjẹ tí ó yẹ kí ó gbé e ró. Nígbà tí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù, òógùn á bò wọ́n, ọwọ́ á máa gbọ̀n, wọ́n á máa bínú sí gbogbo ènìyàn tàbí kí wọ́n máa sùn lójú kan, àwọn ará ilé á sì rò pé àrùn ìgbàgbé náà ni ó le sí i. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà, ẹ wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ ọ̀la kí wọ́n tó gba oògùn kankan. Bí ó bá kéré sí 70 mg/dL, tí ojú wọn sì dá, tí wọ́n lè gbé nǹkan mì, ẹ po kúùbù ṣúgà mẹ́rin sínú omi díẹ̀ fún wọn, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì pe dókítà. Bí wọn kò bá lè jí dáadáa, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ. Ní ọjọ́ tí wọn kò bá jẹun, ẹ má fún wọn ní gilimẹpiráìdì títí ẹ óò fi bá dókítà sọ̀rọ̀.

Nípa ògì, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Dónẹpẹ́sìlì àti mẹtifọ́míìnì tí a bá lọ̀ máa ń korò gan-an, ahọ́n Màmá sì ti mọ̀ ọ́n. Ohun mìíràn ni pé nígbà tí ẹ bá po oògùn mọ́ odindi abọ́, tí wọ́n sì mu ìlàjì, kò sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ iye tí ó wọlé. Bí dókítà bá gbà pé kí a fi oúnjẹ gbé oògùn kan, ṣíbí kan ni ó tó, ṣíbí àkọ́kọ́ nígbà tí ebi ń pa wọ́n, kí abọ́ tí ó kù má ní nǹkan nínú.

Ẹ má ṣe fúnra yín dáwọ́ gbogbo oògùn náà dúró. Ìbàdàn ni ẹ wà, ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà Chief Tony Anenih sì ti wà ní ilé ìwòsàn UCH láti 2012. Iṣẹ́ wọn ni irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kó gbogbo páálí náà lọ, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta yìí: èwo nínú wọn ni Màmá kò nílò mọ́, èwo ni a lè fi irú tí ó ṣeé lọ̀ tàbí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ rọ́pò, àti irú ìwọ̀n ṣúgà wo ni ó yẹ fún àgbàlagbà tí ó wà ní ipò yìí. Fún ẹni ọdún 78 tí ó ní àrùn ìgbàgbé, ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó ti ọ̀dọ́, nítorí ìṣubú àti dídákú ni ó léwu jù.

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ ìyá. Ilé ìtọ́jú àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, mo sì fara mọ́ ohun tí apòògùn wa sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan: ṣé ẹ ti wo inú ẹnu Màámi láìpẹ́ yìí? Ẹni tí iyè rẹ̀ ti rá kì í lè sọ pé ẹran eyín ń dun òun. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò tu ohun tí ó bá kan ibẹ̀ dànù. Ẹ wá ìmọ́lẹ̀, ẹ yọ eyín àtọwọ́dá tí wọ́n bá ní, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo ahọ́n bóyá ó ní ohun funfun, bóyá ó gbẹ. Ẹnu gbígbẹ nìkan tó láti mú kí kóró lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, nítorí náà omi díẹ̀ ṣáájú oògùn máa ń ṣiṣẹ́.

Ẹ tún sọ pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó bẹ̀rẹ̀. Àrùn ìgbàgbé kì í sábà yí padà kíákíá báyìí fúnra rẹ̀. Ibà, àrùn ìtọ̀, àìlèyàgbẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀, tàbí ìrora níbì kan lè sọ ẹni tí ó máa ń gba oògùn di ẹni tí ó ń fura sí gbogbo ènìyàn. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ní ti májèlé, ẹ má bá wọn jiyàn. Bí ẹ bá ń sọ pé "kì í ṣe májèlé", ọ̀rọ̀ májèlé nìkan ni ó ń dé etí wọn. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a kì í da oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ láti inú yàrá mìíràn wá; iwájú wọn ni a ti ń já a láti inú páálí rẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé ohun tí a tì pa ni. Ẹ jókòó kí ojú yín wà ní ipele ojú wọn, ẹ pa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ fún wọn ní kóró kan ṣoṣo, kí ẹ sì sọ gbólóhùn kan péré: "Màámi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín nìyí, mà." Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn nílò ju ìṣẹ́jú kan lọ kí ọ̀rọ̀ tó wọlé, àwa tí a ń tọ́jú wọn ni a máa ń fi ọ̀rọ̀ kejì àti ẹ̀kẹta bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé e kúrò láìbínú, kí ẹ padà wá lẹ́yìn bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí kí ẹlòmíràn tí wọ́n gbọ́kàn lé gbé e wá. Ẹni tí wọ́n fura sí lónìí kọ́ ni ó yẹ kí ó tún padà wá lójú ẹsẹ̀.

Kí wọ́n jókòó ṣánṣán lórí àga, kí àgbọ̀n wọn rẹlẹ̀ díẹ̀ síwájú. Fún àwọn tí omi ń sá pá lórí, ògì tí ó ki díẹ̀ máa ń gbé odindi kóró lọ dáadáa ju omi lọ. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wà ní ìjókòó fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bí wọ́n bá ń wúkọ́ nígbà tí wọ́n ń jẹun, tàbí tí ohùn wọn ń dún bíi pé omi wà nínú rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó tún gbé kóró kankan fún wọn.

Àbíkẹ́yìn Ìlá

Ẹ dákun, mo fẹ́ fi tèmi kún un. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Húsítọ̀nù fi oògùn àrùn ìgbàgbé alẹ̀mọ́ra ránṣẹ́ sí Bàbá, èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara, nítorí àwọn náà kì í gbé kóró mì. A ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn láyà, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣí i kúrò kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣé kí á máa lẹ òmíràn mọ́ ọn ní ọ̀sán?

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà

Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni ẹ mú wá. Bí ó bá jẹ́ rifasitígímíìnì ni, òkè ẹ̀yìn wọn, láàárín èjìká méjèèjì, ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi tí ọwọ́ wọn kò ní dé. Ẹyọ kan fún wákàtí 24 ni. Bí èyí tí ó wà lára wọn bá ṣí kúrò, ẹ lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀ fún ìyókù ọjọ́ náà, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ ní àkókò tí ẹ máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí méjì wà lára wọn pọ̀, nítorí náà ẹ máa wá ti àná kí ẹ tó lẹ ti òní, pàápàá bí ó bá jẹ́ ènìyàn méjì ni ẹ ń tọ́jú wọn. Bí méjì bá wà lára wọn, èébì, àárẹ̀ àti dídákú ni yóò tẹ̀ lé e. Bí ó bá sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò sí èyíkéyìí lára wọn, ẹ pe dókítà kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé láti èyí tí ó kéré jù ni wọn yóò ti tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìbejì

Mo gbọ́ ti rírọ yẹn, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ó burú nínú kí a fi oògùn tí ó ṣeé lọ̀ pamọ́ sínú ọbẹ̀ ẹ̀wẹ́dú kí wọ́n jẹ ẹ́ láìmọ̀? Ìlera wọn ni a ń wá.

Ará Òkè-Àdó

Lójú tèmi, ìtànjẹ ni. Ìyá ni wọ́n, wọ́n sì ti sọ pé àwọn kò fẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi nǹkan sínú oúnjẹ ìyá rẹ̀ ń ṣe ohun tí ìyá náà ń fi í sùn gan-an.

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin Mental Capacity Act ti 2005 kò gbà kí nọ́ọ̀sì kan dá a pinnu. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni náà lè lóye ohun tí oògùn yẹn wà fún àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá lò ó. Bí ó bá lè lóye rẹ̀, tí ó sì kọ̀ ọ́, kíkọ̀ rẹ̀ ni abẹ gé. Bí kò bá lè lóye, dókítà, apòògùn, àwọn nọ́ọ̀sì àti mọ̀lẹ́bí yóò jọ sọ̀rọ̀ lórí oògùn kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ìpinnu náà sílẹ̀, a ó sì dá ọjọ́ tí a ó tún padà wò ó. A kì í sọ pé "gbogbo oògùn rẹ̀". Oògùn gìrì lè tó ohun tí a fi pamọ́ sínú oúnjẹ, nígbà tí fítámì kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Apòògùn Ẹ̀gbá

Ìlànà tó dára ni, ṣùgbọ́n nínú ilé kan ní Ìbàdàn, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà nídìí ìyá lóru àti lọ́sàn-án, kò sì sí ẹni tí yóò pe ìpàdé. Èrò mi ni pé kí ọmọ ìyá pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ sórí fóònù, kí dókítà sì sọ fún wọn oògùn wo ni ó tó bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò mọ̀. Mi ò lè sọ pé Ará Òkè-Àdó kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Bí Màmá bá rí ìyẹ̀fun funfun kan nínú ẹ̀wẹ́dú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oúnjẹ gan-an ni a ó pàdánù, ebi sì lè tètè ṣe wọ́n ní ibi ju ẹ̀jẹ̀ ríru lọ.

Ọmọ Ìyá Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. A ti rí dókítà. Ṣúgà wọn ti ń lọ sílẹ̀ jù ní òwúrọ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ti dá gilimẹpiráìdì dúró. Wọ́n yọ asipirínì àti fítámì kúrò, wọ́n fi amilodipíìnì 5 mílígíráàmù, ẹyọ kan lóòjọ́, rọ́pò nifẹdipíìnì, wọ́n sì fún wọn ní mẹtifọ́míìnì tí kò ní SR. Kóró mẹ́jọ ti di mẹ́rin. Lábẹ́ eyín àtọwọ́dá ìsàlẹ̀, a bá egbò kan tí ó pupa. Wọ́n ní kí Màámi má wọ eyín náà títí dókítà eyín yóò fi tún un ṣe. Wọn kò rí àrùn ìtọ̀.

Màámi ti ń gba oògùn òwúrọ̀ báyìí lọ́pọ̀ ọjọ́. Iwájú wọn ni mo ti ń já a, àbúrò mi ọkùnrin ni ó sì máa ń gbé e fún wọn pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín rírọ̀ díẹ̀. Dónẹpẹ́sìlì ti alẹ́ ni ó kù tí wọn kò gbà. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, ìfura wọn máa ń pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi àgbà sì ti sọ pé kí n fi pamọ́ sínú ọbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi kò gbà á. Ohun tí mo tún fẹ́ mọ̀ ni pé, bí wọ́n bá tu kóró kan jáde, ṣé kí n fún wọn ní òmíràn?

Apòògùn Ẹ̀gbá

A yọ̀ fún yín. Amilodipíìnì ní àǹfààní kan tí ó bá ọ̀rọ̀ yín mu: ó máa ń pẹ́ nínú ara, nítorí náà ọjọ́ kan tí wọ́n kọ̀ ọ́ kì í dá ìjàǹbá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kàn fo ti ọjọ́ náà, kí ẹ má sì fún wọn ní méjì lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá pọn dandan, ó ṣeé lọ̀ tàbí kí a yọ́ ọ sínú omi díẹ̀.

Ní ti kóró tí wọ́n tu jáde, bí ó bá jáde ní odindi lójú ẹsẹ̀, tí ẹ sì rí i, ẹ lè tún fi òmíràn lọ̀ wọ́n lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ nínú ẹnu, tàbí tí ẹ bá rí ìlàjì rẹ̀, tàbí tí ẹ kò mọ̀ bóyá wọ́n ti gbé e mì, ẹ má tún fún wọn ní ìkejì. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ àkókò, orúkọ oògùn, ohun tí wọ́n jẹ, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn oògùn kan wà tí a kò gbọdọ̀ pàdánù lọ́nà yẹn láìpe dókítà, bíi oògùn gìrì, oògùn àrùn agbọ̀nrìrì, àti èyí tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má dì; Màmá kò lo ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ bi dókítà bóyá a lè gbé dónẹpẹ́sìlì lọ sí òwúrọ̀, níwọ̀n ìgbà tí òwúrọ̀ ti dára fún wọn. Kò sí ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ alẹ́, bí àlá burúkú bá sì ń dà wọ́n láàmú, òwúrọ̀ gan-an ni ó dára jù. Ẹ sọ iye ọjọ́ tí wọn kò ti lò ó fún un kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún bi í bóyá ó ṣì ń ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí bí kò bá sí ìyàtọ̀ tí ẹ rí, ó lè sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Mánṣẹ́sítà

Níbi ìparí yẹn ni èrò mi ti yàtọ̀ díẹ̀. Mo ti rí àwọn tí ìwà wọn dàrú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a dá a dúró, nígbà tí gbogbo ènìyàn rò pé kò ṣe nǹkankan. Bí dókítà bá fẹ́ dá a dúró, kí ó jẹ́ ìpinnu tí ẹ ó máa ṣọ́, kí ẹ kọ bí Màámi ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń sùn àti bóyá wọ́n ṣì mọ̀ yín sínú ìwé yẹn fún oṣù kan, kí ẹ lè padà sọ fún un. Ẹ gbìyànjú òwúrọ̀ ná kí ẹ tó gba ti ọbẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín.

Ọmọ Ìyá Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi yóò pe dókítà ní ọjọ́ Ajé nípa ti òwúrọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀, a ó jọ sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ náà lójúkojú. Mi ò mọ ibi tí yóò já sí.